Sìkíríìdì Orí Òrùlé Dẹ́kìn: Bí A Ṣe Ń Ṣírò Rẹ̀, àti Iye Símẹ́ńtì àti Yanrìn Tí Yóò Gbà

Òrùlé dẹ́kìn máa ń dà bí ẹni pé ó tẹ́jú lójú ẹni tó ń wò ó láti ìsàlẹ̀, ṣùgbọ́n kò yẹ kó tẹ́jú tán. Omi òjò tó bá rọ̀ sórí rẹ̀ gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà ṣàn lọ sí ojú ihò tí páìpù wà. Omi tí kò bá rí ọ̀nà lọ yóò dúró, yóò máa wá ibi tó ti lanu lójú fẹ́ẹ̀lìtì, títí yóò fi dé inú kọnkéré àti irin tó wà nínú rẹ̀. Kọnkéré dẹ́kìn fúnra rẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń dà ní ọgbọọgba. Sìkíríìdì, ìyẹn àpòpọ̀ símẹ́ńtì àti yanrìn tí wọ́n tẹ́ lé e lórí, ni wọ́n fi ń ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí omi yóò tọ̀. Nítorí náà ni sìkíríìdì òrùlé ṣe máa ń fẹ́lẹ́ nídìí ihò omi, tó sì ń nípọn sí i bó ṣe ń jìnnà sí i.

Ibẹ̀ ni ìṣòro ìṣirò ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí ilẹ̀ yàrá bá fẹ́ gba sìkíríìdì tó nípọn dọ́gba, gígùn, ìbú àti ìnípọn ni a óò sọ di púpọ̀, iṣẹ́ ti parí. Lórí òrùlé, ìnípọn kò dúró sójú kan, a sì ní láti mọ ìpíndọ́gba rẹ̀ kí a tó lè mọ iye ohun tí yóò gbà. Ọ̀pọ̀ bíríkìlà máa ń ro ibi tó fẹ́lẹ́ jù pọ̀ mọ́ ibi tó nípọn jù, wọ́n á sì pín in sí méjì. Ìṣirò yìí tọ̀nà lórí òrùlé tó dà sí apá kan ṣoṣo. Lórí òrùlé tí omi rẹ̀ ń ṣàn láti ìhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wá sí ihò kan láàárín, kò tọ̀nà rárá, símẹ́ńtì yóò sì tán kí iṣẹ́ tó parí.

Ohun méjì ni a gbọ́dọ̀ mọ̀ kí ìṣirò tó bẹ̀rẹ̀. Èkíní ni bí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà yóò ṣe dà tó. Ìlànà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lórí òrùlé tó tẹ́jú, BS 6229, sọ pé nígbà tí iṣẹ́ bá parí, kò gbọ́dọ̀ dín sí ọ̀kan nínú 80. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé fún gbogbo 80 sẹ̀ǹtímítà tí omi bá rìn, ó gbọ́dọ̀ ti wálẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà kan. Lórí mítà kan, ìyẹn jẹ́ 12.5 mìlímítà. Ìlànà náà ní kí ẹni tó ń ya àwòrán ilé fi ọ̀kan nínú 40 ṣe ètò, nítorí pé ọwọ́ òṣìṣẹ́ àti títẹ̀ dẹ́kìn lè jẹ díẹ̀ nínú rẹ̀. Ọ̀kan nínú 80 ni àpẹẹrẹ inú àlàyé yìí yóò lò, kí nọ́ńbà má bàa pọ̀ jù. Bí ẹnjiníà bá yan èyí tó ga jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀nà ìṣirò kan náà ni.

Èkejì ni ìnípọn ibi tó fẹ́lẹ́ jù, nídìí ihò omi. Kò yẹ kí sìkíríìdì fẹ́lẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí yóò parẹ́ sí òfo níbẹ̀, nítorí pé ibi tó bá fẹ́lẹ́ jù ni yóò kọ́kọ́ fọ́ tí yóò sì ṣí kúrò lára dẹ́kìn. A óò fi 40 mìlímítà ṣe é nínú àpẹẹrẹ yìí.

Òrùlé tí a óò ṣírò gùn ní mítà 12, ó sì fẹ̀ ní mítà 8. Ojú rẹ̀ jẹ́ 12 × 8 = 96 síkúà mítà. Ká kọ́kọ́ ní gbogbo omi rẹ̀ dà sí gọ́tà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lára àwọn ẹ̀gbẹ́ gígùn. Omi tó jìnnà jù yóò rin mítà 8, nítorí náà sìkíríìdì yóò ga sí i ní 8 × 12.5 = 100 mìlímítà. Nídìí gọ́tà, ó nípọn ní 40. Ní òdìkejì, ó nípọn ní 140. Bó ṣe ń ga sí i kò yàtọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, nítorí náà àárín méjèèjì, ìyẹn 90 mìlímítà, ni ìpíndọ́gba rẹ̀. Bí a bá sọ 96 di púpọ̀ pẹ̀lú 0.09 mítà, a ó rí 8.64 kúbíìkì mítà. Kúbíìkì mítà kan ni ohun tí yóò kún àpótí tó gùn, tó fẹ̀, tó sì ga ní mítà kọ̀ọ̀kan.

Ká wá gbé ihò omi sí àárín gbùngbùn òrùlé kan náà, kí ìhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dà sí i, kí etí sìkíríìdì sì ga dọ́gba yíká ògiri kékeré tó wà létí òrùlé. Ibi tó jìnnà jù sí ihò nísinsìnyí ni igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Láti àárín dé igun, mítà 6 ni a óò rìn sí ọ̀nà kan, mítà 4 sí ọ̀nà kejì. Bí a bá fa tẹ̀pù gbọnrangandan, yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ mítà 7.2. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó kéré jù wà lójú ìlà tó ti igun wá sí ihò, òun náà ni a sì gbọ́dọ̀ fi ṣe òṣùwọ̀n: 7.2 × 12.5 = 90 mìlímítà. Etí sìkíríìdì yóò wà ní 130 yíká, ìdí ihò yóò wà ní 40.

Ẹni tó bá pín àròpọ̀ 40 àti 130 sí méjì yóò rí 85 mìlímítà, yóò sì ṣírò 8.16 kúbíìkì mítà. Ìpíndọ́gba tòótọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ká wo onígun mẹ́rin kan tí etí rẹ̀ wà ní agbede méjì láàárín ihò àti ògiri. Ó gùn ní mítà 6, ó sì fẹ̀ ní mítà 4, ojú rẹ̀ jẹ́ 24 síkúà mítà, ìyẹn ìdá kan péré nínú mẹ́rin òrùlé náà. Inú ìdá kan yìí nìkan ni sìkíríìdì ti fẹ́lẹ́ ju 85 lọ. Lórí ìdá mẹ́ta tó kù, ó nípọn jù ú lọ. Ibi tó nípọn ló gba ilẹ̀ jù, nítorí náà ìpíndọ́gba kò lè wà láàárín.

Bí a óò ṣe rí nọ́ńbà gan-an kò ṣòro. Ká ní a fi sìkíríìdì kún gbogbo òrùlé náà dé 90 mìlímítà lókè 40 ìsàlẹ̀, kí a tó wá gbẹ́ ibi tí omi yóò gbà jáde. Ohun tí a gbẹ́ jáde rí bí òkìtì onígun mẹ́rin tó ṣóńṣó lórí, tí a dorí rẹ̀ kodò. Irú òkìtì bẹ́ẹ̀ máa ń gba ìdá kan nínú mẹ́ta àpótí tó bá ga tó o tó sì fẹ̀ tó o. Ohun tó ṣẹ́kù lórí òrùlé nígbà náà jẹ́ ìdá méjì nínú mẹ́ta. Ìdá méjì nínú mẹ́ta 90 jẹ́ 60. 60 àti 40 jẹ́ 100 mìlímítà. Sìkíríìdì tí òrùlé yìí yóò gbà jẹ́ 96 × 0.1 = 9.6 kúbíìkì mítà. Ẹni tó lo àárín ti fi 1.44 kúbíìkì mítà sílẹ̀ láìrà.

Òfin tó yẹ kí bíríkìlà mú dání kò ju méjì lọ. Bí òrùlé bá dà sí apá kan, ìpíndọ́gba ni ìnípọn ìdí ihò pẹ̀lú ìlàjì ohun tó fi ga sí i. Bí ìhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá dà sí ihò kan ní àárín, tí etí sì ga dọ́gba yíká, ó jẹ́ ìnípọn ìdí ihò pẹ̀lú ìdá méjì nínú mẹ́ta ohun tó fi ga sí i.

Ìṣirò yìí gbà pé dẹ́kìn ìsàlẹ̀ tẹ́jú dáadáa. Dẹ́kìn tòótọ́ kì í sábà rí bẹ́ẹ̀: ó lè tẹ̀ díẹ̀ láàárín òpó méjì, tàbí kí pákó tí wọ́n fi gbé e ti sún nígbà tí wọ́n ń da kọnkéré. Bí dẹ́kìn bá jìn ju bí a ti rò lọ ní 10 mìlímítà péré lórí ìpíndọ́gba, sìkíríìdì yóò fi 0.96 kúbíìkì mítà lé e, símẹ́ńtì sì máa fi nǹkan bí àpò méje lé e. Nítorí náà ni wíwọ̀n lórí òrùlé fúnra rẹ̀ ṣe dára ju ìṣirò inú ìwé nìkan lọ.

Bí wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n nìyí. Bíríkìlà yóò fi rọ́bà tí wọ́n rọ omi sí sàmì sí ara ògiri yíká ní ibi tí ojú sìkíríìdì yóò dé, gbogbo àmì náà yóò sì wà ní ọgbọọgba. Yóò gbé ohun kan tó ga ní 40 mìlímítà sí ìdí ihò, yóò sì so okùn mọ́ ọn. Okùn tí wọ́n bá nà le láti ihò yìí dé àmì èyíkéyìí lára ògiri yóò gba ojú ibi tí sìkíríìdì yóò dé gan-an. Lẹ́yìn náà, wọn yóò fi ṣọ́ọ̀kì pín dẹ́kìn sí onígun mẹ́rin tí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan rẹ̀ jẹ́ mítà méjì. Òrùlé wa yóò ní 24 irú rẹ̀. Wọn yóò máa gbé okùn káàkiri, kí wọ́n sì fi tẹ̀pù wọn láti okùn dé orí dẹ́kìn ní àárín onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan. Àròpọ̀ nọ́ńbà 24 náà, tí a bá pín in sí 24, ni ìpíndọ́gba. Lórí dẹ́kìn tó tẹ́jú pátápátá, ọ̀nà yìí yóò mú nǹkan bí 99 mìlímítà wá, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá 100 tí òfin ìdá méjì nínú mẹ́ta fún wa mu. Lórí dẹ́kìn tó tẹ̀, òun ni yóò sọ òótọ́.

Lẹ́yìn tí a bá ti mọ̀ pé 9.6 kúbíìkì mítà ni, ó ku símẹ́ńtì àti yanrìn. Àpòpọ̀ tó wọ́pọ̀ ni ọ̀kan sí mẹ́rin: òṣùwọ̀n símẹ́ńtì kan, òṣùwọ̀n yanrìn mẹ́rin. Yanrìn náà gbọ́dọ̀ jẹ́ ṣáàpù sáńdì tó mọ́, tí horo rẹ̀ máa ń ta ọwọ́. Èyí tó kúnná jù yóò fẹ́ omi púpọ̀, sìkíríìdì rẹ̀ yóò sì sán. Òṣùwọ̀n márùn-ún gbígbẹ kì í di òṣùwọ̀n márùn-ún sìkíríìdì. Símẹ́ńtì máa ń wọ àárín horo yanrìn, omi àti lílù sì máa ń fún gbogbo rẹ̀ pọ̀. Nítorí náà wọ́n máa ń ka nǹkan bí 1.3 kúbíìkì mítà ohun gbígbẹ fún kúbíìkì mítà sìkíríìdì kan.

Fún òrùlé yìí, 9.6 × 1.3 jẹ́ nǹkan bí 12.5 kúbíìkì mítà ohun gbígbẹ. Bí a bá pín in sí márùn-ún, símẹ́ńtì gba 2.5, yanrìn gba 10. Símẹ́ńtì kúbíìkì mítà kan tí a kò tẹ̀ wúwo tó nǹkan bí 1,440 kílò, nítorí náà 2.5 jẹ́ 3,600 kílò, ìyẹn àpò 72 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 50 kílò. Ẹni tó bá fẹ́ ọ̀nà kúkúrú lè di ìyẹn mú báyìí: fún àpòpọ̀ ọ̀kan sí mẹ́rin, kúbíìkì mítà sìkíríìdì kan ń gba nǹkan bí àpò símẹ́ńtì méje àti ààbọ̀ àti yanrìn gbígbẹ tó lé díẹ̀ ní kúbíìkì mítà kan. Bí a bá fi ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún kún un fún èyí tó bá dànù, símẹ́ńtì di àpò 76, yanrìn di 10.5 kúbíìkì mítà. Ẹni tó fi àárín ṣírò ì bá ra nǹkan bí àpò 64 àti yanrìn tó kéré ní iye kan náà.

Ohun tó tún máa ń da ìṣirò rú ni ọ̀rinrin inú yanrìn. Omi díẹ̀ tó bá bo ara horo yanrìn máa ń ti horo kúrò lára ara wọn, òkìtì náà yóò sì wú. Yanrìn tó rin díẹ̀ lè wú ní ìdá 20 sí 30 nínú ọgọ́rùn-ún, ṣùgbọ́n bí omi bá bò ó mọ́lẹ̀ pátápátá, yóò padà sí ìwọ̀n tó wà nígbà tó gbẹ. Ìyẹn ni wọ́n fi ń dán an wò. Wọn yóò bu yanrìn náà, láìtẹ̀ ẹ́, sínú ike tí ìdí àti ẹnu rẹ̀ fẹ̀ dọ́gba, títí yóò fi ga ní 30 sẹ̀ǹtímítà. Wọn yóò da omi sí i títí omi yóò fi borí rẹ̀, wọn yóò sì fi irin rò ó. Bí yanrìn bá sọ̀ kalẹ̀ sí 24, a óò pín 30 sí 24, yóò fún wa ní 1.25. Yanrìn náà ti wú ní ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún.

Èsì yìí kan ìrajà àti pípò pọ̀. Lórí ìrajà, 10.5 kúbíìkì mítà di 13.1. Típà kò ní ìwọ̀n kan ṣoṣo, nítorí náà ó yẹ kí a wọn inú rẹ̀ kí ó tó dà á. Bí ibi tí yanrìn wà bá gùn ní mítà 3.6, tó fẹ̀ ní mítà 2.1, tí yanrìn sì ga ní 0.6 mítà nínú rẹ̀, ó gbé nǹkan bíi 4.5 kúbíìkì mítà. Típà mẹ́ta irú rẹ̀ ni iṣẹ́ yìí yóò gbà.

Lórí pípò pọ̀, àpótí pákó tó gùn ní 40 sẹ̀ǹtímítà, tó fẹ̀ ní 35, tó sì ga ní 25 ń gba lítà 35, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó àpò símẹ́ńtì kan. Bí yanrìn bá gbẹ, àpótí mẹ́rin ni fún àpò kan. Bí ó bá ti wú ní ìdá 25, àpótí márùn-ún ni. Bí wọ́n bá ń wọn mẹ́rin nínú yanrìn tó rin yìí, ohun tó wà nínú rẹ̀ gan-an kò ju àpótí mẹ́ta lé díẹ̀ lọ. Símẹ́ńtì tí òrùlé náà yóò jẹ yóò sún mọ́ àpò 86 dípò 72, sìkíríìdì tó le jù yóò sì fún pọ̀ bó ṣe ń gbẹ, yóò sì sán. Bí símẹ́ńtì bá ń yára tán nígbà tí a mọ̀ pé ìnípọn péye, ọ̀rinrin yanrìn ni ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí a yẹ̀ wò.

Ìwúwo náà kò gbọ́dọ̀ kọjá láìsọ. Kúbíìkì mítà sìkíríìdì kan wúwo tó nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 2.1. Sìkíríìdì òrùlé yìí yóò wúwo tó nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 20, tàbí 210 kílò lórí síkúà mítà kọ̀ọ̀kan, yóò sì tó 273 kílò ní etí níbi tó ti nípọn jù. Ẹnjiníà tó ṣe ètò irin dẹ́kìn gbọ́dọ̀ mọ̀ nípa rẹ̀ kí wọ́n tó da kọnkéré. Lórí ilé àtijọ́, kò sí ẹni tó yẹ kó fi irú ẹrù bẹ́ẹ̀ kún un láìbi ẹnjiníà.

Ọ̀nà tó dára jù láti dín ìwúwo àti owó kù ni kí ihò omi di méjì. Bí a bá pín òrùlé náà sí apá méjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò jẹ́ mítà 6 sí 8, ihò tirẹ̀ yóò sì wà láàárín rẹ̀. Láti ihò dé igun yóò jẹ́ mítà 5 gééré. Gíga di 62.5 mìlímítà, ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 41.7, ìpíndọ́gba sì di 81.7. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 7.84 kúbíìkì mítà. Àpò símẹ́ńtì yóò di 59 kí a tó fi àfikún èyí tó bá dànù sí i, ìwúwo yóò sì fi nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 3.7 dín kù. Bí ewé bá dí ihò kan nígbà òjò, gegele tó wà láàárín apá méjèèjì kò ga púpọ̀. Omi tó bá kún yóò gun orí rẹ̀ kọjá sí ihò kejì kó tó kún dé orí ògiri.

Nígbà tí iṣẹ́ bá ń lọ, dẹ́kìn gbọ́dọ̀ mọ́, kí ojú rẹ̀ há, kí wọ́n sì fi omi símẹ́ńtì pa á kí sìkíríìdì tó bọ́ sórí rẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kò ní lẹ̀ mọ́ ọn. Sìkíríìdì tó ní omi tó tọ́ yóò dúró ní ìṣù bí a bá fún un nínú ọwọ́, omi kò sì ní kán jáde. Wọn yóò bò ó, kí ó máa rin fún nǹkan bí ọjọ́ méje, kí oòrùn má bàa fà á gbẹ. Lẹ́yìn náà, bíríkìlà yóò fi igi hámà kàn án káàkiri. Ibi tó bá dún bí ohun tó ṣófo kò lẹ̀ mọ́ dẹ́kìn, wọ́n sì gbọ́dọ̀ gé e kúrò kí wọ́n tún un ṣe.

Ìdánwò ìkẹyìn ni omi. Wọn yóò da omi káàkiri òrùlé kí fẹ́ẹ̀lìtì tó bò ó, nítorí pé sìkíríìdì ń darí omi ni, kì í dá a dúró. Ibi tí omi bá kó jọ sí ni wọn yóò fi ṣọ́ọ̀kì yí ká, wọn yóò sì tún ojú rẹ̀ ṣe títí omi yóò fi ń lọ sínú ihò fúnra rẹ̀. Fẹ́ẹ̀lìtì ni yóò wá tẹ̀ lé e, yóò sì gun ara ògiri etí òrùlé. Nítorí náà ògiri yẹn gbọ́dọ̀ ga tó láti gba sìkíríìdì 130 mìlímítà àti nǹkan bíi 150 mìlímítà fẹ́ẹ̀lìtì lókè rẹ̀, èyí tí ẹni tó ń ya àwòrán ilé gbọ́dọ̀ ti rò mọ́ ọn láti ìbẹ̀rẹ̀.